Nígbà Tí Ọ̀fọ̀ Bá Pàdé Ìdánwò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé mi ni. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn, nítorí àwọn ènìyàn ti bá wa kẹ́dùn tán. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé èmi tí mo jẹ́ tíṣà, tí mo gba ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, tí àwọn ará àdúgbò sì ń wá béèrè ọ̀rọ̀ ìwé lọ́wọ́ mi, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣi ọmọ lọ́nà. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà fi ìmọ̀ràn mi jìyà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde wa yìí, ilé tí kò ní ọmọ kan ní yunifásítì kò pọ̀ mọ́. Yunifásítì dé Àgó-Ìwòyè ní 1982. Ní 2005, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti Ìjagun náà di yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà tí kò rí ìwé kà ni ó ń fi èrè ọjà san owó ilé ẹ̀kọ́ lónìí. Yunifásítì tí ọmọ tiwa wà kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí a bá pàdé níbẹ̀, ẹ ó rí irú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Dádì, kú ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mélòó kan. Mùsùlùmí ni, a kì í sì í fi òkú Mùsùlùmí pamọ́. Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àìlà, a sin ín. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú yẹn kan náà ni ọmọbìnrin wa wọ mọ́tò láti yunifásítì, ó sì bá ìsìnkú. Ọmọ àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n Dádì ló gbà á tọ́ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 6. Dádì ló rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Dádì ló rán an lọ sí girama, Dádì náà ló sì ń san owó yunifásítì. Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ mọ́ ọn, ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn jókòó sí ẹ̀bá ògiri, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Alẹ́ ni mo tó gbọ́ pé ó ní ìdánwò ní aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kọ́ọ̀sì 6 ni ó ń ṣe ní sáà náà. Ó ti jókòó fún 3, ó ku ti Ọjọ́bọ̀ yìí, ti ọjọ́ Ajé, àti ti Ọjọ́rú tí ń bọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé bí a bá tilẹ̀ gbé e dé iyàrá ìdánwò, kò ní mọ ohun tí ó ń kọ. Mo ní, “Má dààmú ara rẹ. Kọ ìwé sí olùkọ́ rẹ, yóò ṣe òmíràn fún ọ.” Bí mo ṣe ń ṣe ní kíláàsì mi nìyẹn. Bí ọmọ kan bá pàdánù ìdánwò nítorí òkú, n ó pè é ní àkókò ìsinmi, n ó fún un ní ìbéèrè mìíràn, ọ̀rọ̀ parí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti yunifásítì.

Ìwé àkọ́kọ́

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ náà fi fóònù rẹ̀ kọ̀wé sí olùkọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ nìyí: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bàbá mi kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lè wá ṣe ìdánwò. Ẹ ṣàánú mi, ẹ ṣe òmíràn fún mi. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí.”

Olùkọ́ náà kò dáhùn. Inú bí wa. Ìyàwó Dádì ní, “Ṣé òun kò ní bàbá ni?” Èmi náà bá wọn bú u díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gba fóònù náà, tí mo tún ìwé náà kà bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kò sí orúkọ ọmọ níbẹ̀. Kò sí nọ́ńbà mátíríkì, èyí tí yunifásítì fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Kò sọ kọ́ọ̀sì tí ó ń wí. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, ta ni yóò rò pé ó kọ̀wé sí òun?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ọjọ́rú tí ń bọ̀ ni fídàú ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí ìdánwò ìkẹyìn bọ́ sí gan-an. Àwọn àgbà ní ọmọ tí Dádì tọ́ kò gbọdọ̀ kúrò nílé títí fídàú yóò fi kọjá. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ọ̀kan ti sọnù, bí ó bá jókòó tì wá, mẹ́ta ni yóò sọnù. Wọ́n bínú sí mi, ẹnìkan sì sọ pé ìwé ti gba ọkàn ọ̀wọ̀ kúrò lára mi. Ní ọjọ́ Àìkú, mo fi ọmọ náà wọ mọ́tò. Ìyẹn nìkan ni ohun tí mo ṣe déédéé ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn aláṣẹ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wò ni bóyá ó wá jókòó fún àwọn ìdánwò tó kù.

Ohun tí kò sí lọ́wọ́ olùkọ́

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìdánwò, ọmọ náà lọ bá olùkọ́ náà ní ọ́fíìsì. Mo ti tẹ̀ lé e lọ. Olùkọ́ náà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bá wa kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé, “Tíṣà, ẹ má bínú, ọmọ yìí ni mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àgbàlagbà ni nínú ìwé wa, òun ni yóò kọ̀wé, òun ni yóò fọwọ́ sí i.” Mo jókòó, mo pa ẹnu mọ́.

Ó ṣàlàyé fún un báyìí. Máàkì kọ́ọ̀sì kan pín sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó kéré, nǹkan bí 30 tàbí 40 nínú 100, ni ti tẹ́ẹ̀sì tí olùkọ́ ń ṣe ní kíláàsì láàrin sáà. Èyí tí ó kù, 60 tàbí 70, ni ti ìdánwò ńlá ìparí sáà. “Bí ó bá jẹ́ pé tẹ́ẹ̀sì ni o pàdánù,” ni ó wí, “n kò bá ti ní kí o wá ní ọ̀la, kí n fún ọ ní òmíràn. Tèmi ni tẹ́ẹ̀sì. Ìdánwò ńlá kì í ṣe tèmi, ti Sẹ́nétì ni.”

Sẹ́nétì ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà olùkọ́ tí ó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nínú yunifásítì. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn a ti yẹ ìbéèrè olùkọ́ wò, kì í dá a gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní iyàrá ìdánwò, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ sí ìwé pé òun wá. Iye ìwé ìdáhùn tí wọ́n kó jọ gbọ́dọ̀ bá iye ọwọ́ tí wọ́n fi sí i dọ́gba. Lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti fún wọn ní máàkì, èsì náà ń gba ìgbìmọ̀ ẹ̀ka kọjá, ó ń gba ìgbìmọ̀ fákọ́tì kọjá, kí ó tó dé Sẹ́nétì. Bí olùkọ́ bá pe ọmọ kan ṣoṣo sí ọ́fíìsì, tí ó fún un ní ìbéèrè, ìwé ìdáhùn kan yóò lé, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá rí i yóò béèrè ibi tí ó ti wá. Olùkọ́ tí ó fi àánú ṣe é àti olùkọ́ tí ó gba owó ṣe é, bákan náà ni ìwé wọn yóò rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan fún ẹ̀yin òbí níhìn-ín. Ọmọbìnrin tí ó bá ń wá ojú rere ní ìkọ̀kọ̀ fún ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ olùkọ́ ti fi ara rẹ̀ sí ibi eléwu. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíndélé ti Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2, nítorí pé ó béèrè ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ máàkì. Olùkọ́ tiwa kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà kọ ìwé sí olórí ẹ̀ka, kí ó gba ọwọ́ olùkọ́ agbanimọ̀ràn kíláàsì rẹ̀ kọjá, kí ó sì fún òun ní ẹ̀dà kan. Ó ní, “Yára. Bí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó lórí èsì kí ìwé rẹ tó dé, ohun tí wọ́n máa rí ni pé o kò wá, wọn kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.”

Bàbá tí ó kú, bàbá tí ó wà láàyè

Ọmọ náà kọ ìwé kejì ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó tún kọ ọ́ pé bàbá òun ni ó kú. Agbanimọ̀ràn kíláàsì fa fáìlì rẹ̀ jáde. Nínú fọ́ọ̀mù tí ó kún ní ọdún àkọ́kọ́, orúkọ àbúrò mi ni ó wà níbi orúkọ bàbá, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Wọ́n pe nọ́ńbà náà, àbúrò mi sì gbé e. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: bàbá tí ọmọ ní ó kú ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù!

Ọmọ náà kò purọ́. Ní ilẹ̀ wa, ta ni ẹni tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 6, bí kì í bá ṣe bàbá rẹ? A kò ní orúkọ mìíràn fún un ní ẹnu wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá, bàbá ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá, ìyá ni. Ìyá tí ó bí ìyá, ìyá àgbà ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin náà, ìyá àgbà ni. Nítorí náà ọmọ Yorùbá kan lè sin ìyá àgbà mẹ́ta, kí ó má sì parọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka fáìlì kò mọ̀ ju bàbá kan àti ìyá kan lọ.

Ìfura yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní 1999, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Kọnẹ́tíkọ́ọ̀tì ní Amẹ́ríkà, Máìkì Ádáàmsì, gbé àpilẹ̀kọ ẹ̀fẹ̀ kan jáde pé bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ń kú sí i. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín nítorí pé olúkúlùkù wọn ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ tí ó parọ́ ni ó ba ọ̀nà jẹ́ fún ọmọ tí ọ̀fọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ohun tí ó lè yà á sọ́tọ̀ kò ju kí ó sọ ọ̀rọ̀ bí ó ti rí gan-an, kí ìwé ẹ̀rí sì tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ kejì ni a wá ìwé ẹ̀rí. Ilé ìwòsàn fún wa ní ìwé tí dókítà fi sọ ọjọ́ ikú àti ohun tí ó fa ikú. A fi ìyẹn lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ìkànìyàn, nítorí òfin ti sọ ìforúkọsílẹ̀ ikú di dandan, a sì gba ìwé ẹ̀rí ikú níbẹ̀. Bí ẹni náà bá kú sílé, tí kò sí dókítà, ìwé láti ọwọ́ ìmáàmù tàbí àlùfáà tí ó sin ín a máa ràn wá lọ́wọ́. Àwọn Krìstẹ́nì sábà máa ń ní ìwé ètò ìsìnkú àti póstà lára ògiri. Àwa kò ní póstà kankan, nítorí a ti sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Lẹ́yìn náà, àbúrò mi lọ sí kóòtù, ó búra sínú ìwé pé òun ni òun bí ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n òun ni ó sì tọ́ ọ. Ìwé ìbúra yẹn, pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ méjì tí orúkọ Dádì wà lára rẹ̀, ni ó so ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ìwé tí ó ṣiṣẹ́

Ìwé kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ gé pamọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ ni mo kọ síhìn-ín. Orí rẹ̀ ni: “Sí Olórí Ẹ̀ka, nípasẹ̀ Olùkọ́ Agbanimọ̀ràn. Ẹ̀bẹ̀ pé kí a gba àìwá mi sí ìdánwò wọlé nítorí ọ̀fọ̀.” Abẹ́ rẹ̀ wá kà báyìí:

“Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí ní ẹ̀ka yìí. Orúkọ mi àti nọ́ńbà mátíríkì mi nìyí. N kò lè wá sí ìdánwò kọ́ọ̀sì yìí, tí ó wáyé ní aago 9 òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó tọ́ mi láti ọmọ ọdún 6 tí ó sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi, kú ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A sin ín ní Ìjẹ̀bú-Òde ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kan ṣáájú ìdánwò. Nínú ìwé mi àkọ́kọ́ mo pè é ní bàbá mi, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é nílé. Bàbá tí ó bí mi wà láàyè, orúkọ rẹ̀ ni ó wà nínú fáìlì mi. Mo tọrọ àforíjì fún ìdàrúdàpọ̀ tí èyí dá sílẹ̀.

“Mo ti ṣe ìdánwò 3 kí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀, mo sì padà wá fún àwọn 2 tó kẹ́yìn. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a má kọ mí sílẹ̀ bí ẹni tí ó kùnà, kí a sì jẹ́ kí n ṣe ìdánwò náà bí ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí yunifásítì bá tún ṣe é. Ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìbúra àti rìsíìtì wà pẹ̀lú ìwé yìí.”

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí àdúrà, kò sí “ẹ ṣàánú mi”, kò sì sí ìtàn bí ẹkún ti pọ̀ tó. Kì í ṣe pé àdúrà burú, ṣùgbọ́n ìwé náà yóò kọjá lọ́wọ́ ènìyàn bí i mẹ́rin, olúkúlùkù wọn yóò sì máa wá ohun mẹ́ta: ta ni, kí ni, níbo ni ẹ̀rí wà. Ẹ tún wo ohun tí ó béèrè. Kò béèrè pé kí olùkọ́ ṣe ìdánwò fún òun lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè fún un. Ó béèrè ohun tí òfin gbà. Ọmọ náà tẹ ẹ̀dà 3, ó sì ní kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí ó gbà á sára ẹ̀dà tirẹ̀. Nígbà tí fáìlì kan sọnù lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀dà tí ó ní òǹtẹ̀ yẹn ni ó gbà á.

Kí ni ìyàtọ̀ “ó kùnà” àti “a gbà á láyè”?

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò tètè mọ ìṣirò yìí. Kọ́ọ̀sì 6 ni ọmọ wa ṣe, yúníìtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 18. Ká ní ó gba B nínú gbogbo 5 tí ó ṣe. Pọ́ìntì 4 ni B lórí yúníìtì kan, nítorí náà 15 lọ́nà 4 jẹ́ pọ́ìntì 60.

Bí wọ́n bá kọ F fún èyí tí kò wá, pọ́ìntì rẹ̀ jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n yúníìtì rẹ̀ wọ inú ìṣirò. A ó pín 60 sí 18, yóò fún wa ní 3.33. Tú-tú nìyẹn, nítorí láti 3.50 ni tú-wọ́ọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á láyè, kọ́ọ̀sì náà kò tíì wọ ìṣirò rárá. A ó pín 60 sí 15, yóò fún wa ní 4.00.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣebí yóò tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀?” Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, F àtijọ́ kì í parẹ́. Káríófà ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá tún kọ́ọ̀sì náà ṣe tí ó sì gba B, pọ́ìntì rẹ̀ yóò di 72, ṣùgbọ́n yúníìtì yóò di 21, nítorí a ti ka kọ́ọ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. 72 sí 21 jẹ́ 3.43, kò sì tíì dé 3.50 síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà láyè ń pín 72 sí 18, ó sì wà ní 4.00 rẹ̀. Àwọn méjèèjì ka ìwé kan náà, wọ́n gba máàkì kan náà. Ìwé kan tí ẹnìkan kọ lásìkò ni ó yà wọ́n.

Bí ó ṣe parí, àti ohun tí ó yẹ kí ilé mọ̀

Ìdáhùn kò tètè dé. Ìwé náà ti ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka lọ sí ọ̀dọ̀ olórí fákọ́tì, ó sì wà níbẹ̀ títí ìgbìmọ̀ fi jókòó. Nígbà tí ó dé, wọ́n gbà á láyè. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe ìdánwò pàtàkì fún un. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe kọ́ọ̀sì náà, nítorí náà ó dúró títí di sáà kan náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì bá àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó. Máàkì 64 ni ó gbà, B sì ni. Fún ọmọ tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn, ìdúró yìí lè fi odidi ọdún kan kún un. Àwọn yunifásítì kan a máa ṣe ìdánwò pàtàkì fún irú wọn, bí Sẹ́nétì bá fọwọ́ sí i. Kí ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba nínú ìwé rẹ̀.

Ohun méjì ni mo kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará ilé mọ̀. Èkíní, kí ọmọ tó wọ iyàrá ìdánwò ni kí ó ti pinnu. Bí ó bá ti wọlé, tí ó kọ ọ́, tí ó sì fọwọ́ sí i, máàkì tí ó bá gbà ni wọn yóò kà. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà di òfin yìí mú. Nítorí náà, bí ọmọ bá rí i pé ọkàn òun kò sí nílé, kí ó jókòó, kí ó sì kọ̀wé ní ọjọ́ náà gan-an, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá lè kọ ọ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kíláàsì lọ fi tó agbanimọ̀ràn létí, kí ìwé tirẹ̀ tẹ̀ lé e.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú. Àwa Mùsùlùmí kò lè yan ọjọ́, yunifásítì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkú bá wà ní mọ́ṣúárì, tí ẹbí sì jókòó mú ọjọ́ tí wọn yóò sin ín, ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín mú ni. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò, ìgbìmọ̀ yóò béèrè pé kí ló dé tí ẹ kò mú òmíràn. Mo ti rí ilé kan ní àdúgbò wa tí wọ́n mú ọjọ́, tí wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, tí wọ́n ti san owó gbọ̀ngán, kí wọ́n tó rántí pé ọmọ méjì ní ìdánwò. Ẹ pe ọmọ kí ẹ tó mú ọjọ́. Ẹ ní kí ó ka ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ sí yín létí.

Ní ọjọ́ fídàú Dádì, ọmọ wa jókòó ní iyàrá ìdánwò láàárọ̀. Ó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aáfà ti lọ, sàráà ti tán. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó bú mi ni ó gbé àwo oúnjẹ tí ó ti bò pamọ́ fún un jáde. Ó bi í pé, “Ṣé o mọ̀ ọ́n kọ?” Ọmọ náà ní òun mọ̀ ọ́n. Bàbá náà ní, “Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n wa ń san owó sí.” Ìgbà yẹn ni ó tó sunkún.